Omi gbígbóná oòrùn fún họ́sítẹ́ẹ̀lì akẹ́kọ̀ọ́ 60: pánẹ́ẹ̀lì mélòó, táǹkì báwo, kí ni yóò ràn án lọ́wọ́?

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Onílé ra ẹ̀rọ omi gbígbóná oòrùn, wọ́n gbé e sórí dẹ́kìn, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kọ́kọ́ jí rí omi gbígbóná pọn, ẹni kẹrìndínlógún bá omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹni ogún bá omi tútù. Kò ní pẹ́ tí gbogbo wọn á fi padà sídìí bọ́ílìn ríìngì nínú korobá, sọ́kẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ẹ̀rọ olówó ńlá á sì di ibi tí ẹyẹ ń bà lé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ ni, wọn ò ṣírò.

Họ́sítẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn la máa fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ 60, ilé alájà kan tó ní dẹ́kìn lórí, korobá ni wọ́n fi ń wẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ 40 tàbí 120, ọ̀nà ìṣirò kò yí padà, iye nìkan ni ẹ máa pààrọ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

Fún ìṣirò: tẹmómítà tó ń ka digírì 0 sí 100, korobá onílítà 20, ìwé àti bírò, ọjọ́ mẹ́ta.

Fún iṣẹ́ náà:

- pánẹ́ẹ̀lì omi gbígbóná 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 2 (èyí tó ní páìpù bàbà lábẹ́ gíláàsì, kì í ṣe èyí tó ń mú iná mànàmáná wá)
- táǹkì omi gbígbóná 2, onílítà 500 kọ̀ọ̀kan, tó ń dúró lóòró, tí fómù tó yí i ká nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán
- páìpù bàbà oní-íǹṣì kan fún ààrin pánẹ́ẹ̀lì àti táǹkì, àti páìpù PPR ti omi gbígbóná fún ìyókù
- fáàfù tó ń po omi gbígbóná mọ́ tútù fúnra rẹ̀
- ẹ́límẹ́ǹtì kílówáàtì 3, tẹ́mósítáàtì rẹ̀, táímà, àti bírékà tó ń já bí iná bá ń jò sínú omi
- gíísà gáàsì kan àti sílíńdà kílò 12.5

Ẹ má jẹ́ kí púlọ́mbà fi páìpù PVC funfun rọ́pò nítorí pé ó wọ́n kéré. Bí omi bá ti tó digírì 60, PVC á rọ̀, á tẹ̀ kọdọrọ, ojú ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ á sì ṣí. PPR pàápàá kò gbọdọ̀ kan ẹnu pánẹ́ẹ̀lì: mítà méjì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ bàbà, nítorí ibẹ̀ lè gbóná ju omi híhó lọ lọ́jọ́ tí omi kò bá rìn.

Ìpele 1: Ẹ ka korobá, ẹ má ka orí

Iye ènìyàn kọ́ ló ń lo omi, iye ìwẹ̀ ni. Fún ọjọ́ mẹ́ta tí iléèwé wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹnì kan jókòó síbi ìpọnmi láago márùn-ún sí mẹ́jọ àárọ̀, àti mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́, kó máa fa ìlà fún korobá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé omi kaná, ẹ pò ó mọ́ tútù nínú korobá títí akẹ́kọ̀ọ́ á fi ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí á ní "ó ti tó." Ẹ ti tẹmómítà bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Yóò bọ́ sí digírì 38 sí 41. A máa lo 40. Ẹ wọn omi tútù láti inú táǹkì òkè láago márùn-ún àárọ̀ pẹ̀lú. Ní Ìbàdàn, ó máa ń wà ní nǹkan bíi 26, bí ọyẹ́ bá sì mú, ó lè wálẹ̀ sí 24.

Ẹ jẹ́ ká ní ìlà tí ẹ fà fi hàn pé gbogbo àwọn 60 ló ń wẹ omi gbígbóná láàárọ̀, tí 30 sì tún ń wẹ̀ ẹ́ lálẹ́. Ìwẹ̀ 90 nìyẹn. Ní lítà 20 fún ìwẹ̀ kan, ó di lítà 1,800 lójúmọ́, tí a fẹ́ gbé láti digírì 26 dé 40, ìyẹn digírì 14.

Yúníìtì iná kan, irú èyí tí ẹ ń rà sínú mítà, lè gbé lítà omi 860 gòkè ní digírì kan. Nítorí náà:

```
lítà × digírì ÷ 860 = yúníìtì
1800 × 14 ÷ 860 = 29.3
```

Páìpù àti táǹkì á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún kún un: ó di yúníìtì 34 lójúmọ́. Iye yìí ni gbogbo ìyókù iṣẹ́ dúró lé.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà níbí ni pé wọ́n á mú iye tí ilé ìtura ń lò, lítà 50 fún ènìyàn kan, nítorí ìyẹn ló wà nínú ìwé ẹni tó ń tajà. Ṣáwà ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ẹni tó ń fi korobá wẹ̀ kò lè ná ju ohun tó wà nínú korobá lọ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi iye ìwẹ̀ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn. Bí ọjọ́ kan bá yàtọ̀ sí èkejì ju ìdámárùn-ún lọ, ó ṣeé ṣe kí omi má yọ lọ́jọ́ kan tàbí kí ọ̀pọ̀ wọn ti relé. Ẹ tún un kà.

Ìpele 2: Bí pánẹ́ẹ̀lì á ṣe fẹ̀ tó

Ní Ìbàdàn, oòrùn tó ń bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kan lójúmọ́ tó nǹkan bíi yúníìtì 4.6 bí a bá pín ọdún dọ́gba. Láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, ó máa ń lé ní 5. Oṣù keje àti ìkẹjọ ni ó máa ń burú jù, nígbà tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run: nǹkan bíi 3.7. Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dénú táǹkì. Pánẹ́ẹ̀lì tó dára, pẹ̀lú páìpù tí wọ́n wé dáadáa, á kó nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún wọlé.

```
4.6 × 0.45 = 2.07 yúníìtì fún mítà onígun mẹ́rin kan
34 ÷ 2.07 = 16.4
```

Pánẹ́ẹ̀lì 8, tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 16, ti tó. Ẹnì kan á ní kí ló dé tí a ò fi oṣù kẹjọ ṣírò kó lè tó lọ́jọ́ gbogbo. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, á lé ní 20, ẹ máa ra pánẹ́ẹ̀lì méjì sí mẹ́ta sí i. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì, àwọn yẹn kan náà á máa hó omi tí ẹnikẹ́ni kò nílò, ẹnu páìpù tó ṣí sókè á máa tutọ́ omi gbígbóná sí dẹ́kìn. Ó sàn kí pánẹ́ẹ̀lì 8 fún yín ní yúníìtì 27 ní oṣù kẹjọ, kí ohun ìrànwọ́ sì fi 7 kún un.

Ẹ kọjú wọn sí gúúsù, kí ẹ gbé orí wọn sókè ní digírì 15. Fún pánẹ́ẹ̀lì tó gùn ní mítà méjì, ìyẹn túmọ̀ sí pé orí rẹ̀ á fi sẹ̀ǹtímítà 52 ga ju ìdí lọ. Oòrùn Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí tààrà, nítorí náà bí ó bá fi díẹ̀ yà kì í ṣe ìṣòro ńlá. Ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ tí oòrùn wà ní apá gúúsù gan-an ni omi gbígbóná ń wu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù, dídàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ń jẹ́ kí òjò fọ eruku dànù. Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ kì í ṣiṣẹ́ rárá bí kò bá sí pọ́ǹpù, nítorí omi tó gbóná kò rí ibi gùn lọ.

Ẹ tò wọ́n ní ìlà méjì, mẹ́rin mẹ́rin, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní táǹkì tirẹ̀. Omi tútù á wọlé láti ìdí pánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, gbígbóná á jáde láti orí pánẹ́ẹ̀lì kẹrin, ní igun òdìkejì. Bí púlọ́mbà bá mú u wọlé kó sì mú u jáde lápá kan náà, omi á gba ọ̀nà tó yá jù, pánẹ́ẹ̀lì méjì tó jìnnà á kàn máa ya oòrùn lásán.

*Àyẹ̀wò:* láago méjìlá ọ̀sán, ẹ fọwọ́ kan orí pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan níbi tí páìpù ti jáde. Ooru wọn gbọ́dọ̀ jọra. Èyí tó bá gbóná fòò jù lára wọn, inú rẹ̀ ni omi kò ti rìn. Afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀.

Ìpele 3: Táǹkì

Ibí ni owó ti ń ṣègbé jù. Àwọn kan gbà pé bí táǹkì bá ṣe tóbi tó ni omi gbígbóná á ṣe pọ̀ tó. Táǹkì kì í dá ooru sílẹ̀. Yúníìtì 34 tí pánẹ́ẹ̀lì kó wá ni a ní láti pín.

Ẹ fi sínú lítà 2,000: omi á gòkè ní digírì 14 ààbọ̀, á dúró sí bíi 40. Kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti wálẹ̀ sí 37, kò sì sí ẹni tó máa lè po omi tútù kankan mọ́ ọn. Ẹ fi sínú lítà 500: omi fẹ́ gòkè dé 84. Kò ní débẹ̀, nítorí bí omi bá ti gbóná tó bẹ́ẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì á máa sọ ooru padà sínú afẹ́fẹ́, ẹni tó bá sì ṣí ẹ̀rọ láìpò ó, omi á bó o. Lítà 1,000 ló bá a mu: 26 pẹ̀lú 29 jẹ́ 55. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ yìí máa ń lò, lítà 50 sí 75 fún mítà onígun mẹ́rin pánẹ́ẹ̀lì kan, ibẹ̀ náà ló ń tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìgbà tí wọ́n ń wẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Lálẹ́, tí omi wà ní 55, korobá kan nílò bíi lítà 9.7 gbígbóná, ìyókù jẹ́ tútù. Ìwẹ̀ 30 á gba 290. Láàárọ̀, tí ó ti wálẹ̀ sí 51, korobá kan á gba lítà 11.2; ìwẹ̀ 60 á gba 672. Àpapọ̀ jẹ́ 962 nínú 1,000. Ó ṣe rẹ́gí, ṣùgbọ́n kìkì bí omi tútù tó ń wọlé kò bá dàrú mọ́ gbígbóná tó wà lókè. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí táǹkì dúró lóòró. Táǹkì tí wọ́n dá dùbúlẹ̀ máa ń po méjèèjì pọ̀, ẹ ó sì rí i pé lítà 300 jáde, gbogbo ìyókù ti di lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ẹ so méjèèjì tẹ̀léra: omi tútù wọ ìdí táǹkì kìíní, orí táǹkì kìíní lọ sí ìdí táǹkì kejì, orí táǹkì kejì lọ sí ilé. Níbi tí omi tútù ti ń wọlé, kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ páìpù darí ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀, kó má baà tú sókè bí orísun.

*Àyẹ̀wò:* lọ́jọ́ tí oòrùn ràn dáadáa tí ẹnikẹ́ni kò lo omi, omi tó wà ní 26 láago méje àárọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 55 àti 62 láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á láago mẹ́sàn-án alẹ́ àti láago márùn-ún àárọ̀: kò gbọdọ̀ fi ju digírì 5 lọ sílẹ̀.

Ìpele 4: Gíga, gíga, gíga

Kò sí pọ́ǹpù nínú ẹ̀rọ yìí. Omi tó gbóná fúyẹ́, á gùn lọ sínú táǹkì. Èyí tó tutù wúwo, á sọ̀ kalẹ̀ sí pánẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, ìdí táǹkì gbọ́dọ̀ ga ju orí pánẹ́ẹ̀lì lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lóru ni omi á máa rìn padà: táǹkì á máa gbóná pánẹ́ẹ̀lì, pánẹ́ẹ̀lì á máa gbóná ojú ọ̀run.

Lórí dẹ́kìn àpẹẹrẹ wa, ẹ wọ̀n ọ́n báyìí. Ìdí pánẹ́ẹ̀lì wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sókè dẹ́kìn, orí rẹ̀ wà ní 72. Ẹ fi 40 kún un: ìdí táǹkì gbígbóná wà ní mítà 1.12. Bí táǹkì bá ga ní mítà 1.7, orí rẹ̀ á wà ní 2.82. Táǹkì omi tútù ló gbọ́dọ̀ ga jù, ìdí rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí nísàlẹ̀ mítà 3. Bí òun náà bá ga ní mítà 1.5, páìpù tó ṣí sókè láti orí táǹkì gbígbóná, tí ooru àti afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, gbọ́dọ̀ dé mítà 5. Ẹni tó bá dí ẹnu páìpù yẹn nítorí pé omi ń kán níbẹ̀ ti sọ táǹkì di ohun tó lè bẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: táǹkì tútù ti wà lórí sitáǹdì tẹ́lẹ̀, wọ́n wá gbé gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ipele kan náà. Nígbà tí táǹkì tútù bá ti dé ààbọ̀, omi gbígbóná ò ní yọ mọ́, onílé á sì ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Táǹkì kọ̀ọ̀kan tí omi kún wúwo tó kílò 600. Ẹ má gbé e sí àárín dẹ́kìn. Orí òpó tàbí orí bíìmù ni kó dúró sí, kí ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ sì wò ó kí wẹ́dà tó bẹ̀rẹ̀. Orí páànù lásán kò lè gbà á.

Páìpù tó ń lọ láti pánẹ́ẹ̀lì sí táǹkì gbọ́dọ̀ máa gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e. Bí ó bá gòkè tó tún sọ̀ kalẹ̀ níbì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì, afẹ́fẹ́ á jókòó síbẹ̀, omi á dúró.

*Àyẹ̀wò:* láago mẹ́rin àfẹ̀mọ́jú, ẹ di páìpù tó jáde lórí pánẹ́ẹ̀lì mú. Ó gbọ́dọ̀ tutù bí irin tó sùn síta. Bí ó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, omi ń rìn padà. Ẹ gbé táǹkì sókè sí i.

Ìpele 5: Ohun ìrànwọ́

Ohun méjì ló ń fa àìtó. Àkọ́kọ́ ni àìtó kékeré ti oṣù keje àti ìkẹjọ, yúníìtì 7 lójúmọ́. Èkejì ni ọjọ́ tí òjò rọ̀ ṣúlẹ̀, tí pánẹ́ẹ̀lì kò rí ju bíi 8 kó wá: àìtó 26 nìyẹn. Ẹ má fi ohun kan ṣoṣo wá ojútùú sí méjèèjì.

Fún ti kékeré, ẹ fi ẹ́límẹ́ǹtì kílówáàtì 3 sí ìdajì òkè táǹkì kejì. Kì í ṣe ìdí rẹ̀, kì í sì í ṣe táǹkì kìíní. Lítà 250 tó wà lókè rẹ̀ nìkan ló máa gbóná. Láti gbé e láti 40 dé 55 máa gba yúníìtì 4.4, ìyẹn wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ fi táímà sí i kó máa ṣiṣẹ́ láti agogo mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ nìkan, kí tẹ́mósítáàtì sì já a ní 55.

Táímà yìí ló ya ẹ̀rọ tó ń pa owó mọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń jẹ owó. Bí ẹ́límẹ́ǹtì bá wà nísàlẹ̀ tí wọ́n tan án sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, yóò ti gbóná gbogbo omi kí oòrùn tó yọ. Oòrùn á bá omi gbígbóná nílẹ̀, kò ní rí iṣẹ́ ṣe. Mítà á máa sáré, onílé á sì máa wí fún gbogbo ayé pé oòrùn ò ṣiṣẹ́. Bírékà tó ń já bí iná bá jò kò ṣeé fi sílẹ̀: ẹlòmíì á tẹsẹ̀ bọ inú omi lórí símẹ́ńtì nígbà tó ń pọn ọ́n.

Fún ọjọ́ òjò, àti fún àárọ̀ tí kò sí iná, ẹ lo gíísà gáàsì. Kílò gáàsì kan nínú gíísà tó dára á fún yín ní bíi yúníìtì 10.9. Àìtó 26 á gba kílò 2.4, nítorí náà sílíńdà kílò 12.5 á gbé yín la ọjọ́ òjò márùn-ún kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé òun lẹ fi ń dí àìtó yúníìtì 7 ti oṣù kẹjọ nítorí àìsí iná, sílíńdà kan á lo bí ọjọ́ 19.

Kí ẹ tó ra gíísà, ẹ bi wọ́n ní nǹkan méjì: ṣé ó lè gba omi tó ti gbóná wọlé, ṣé ó sì lè tan pẹ̀lú agbára omi tó ń ti òkè dẹ́kìn bọ̀ láìsí pọ́ǹpù? Ọ̀pọ̀ kò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ so ó mọ́ ẹnu táǹkì kejì pẹ̀lú páìpù tó yà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kí omi má gba inú rẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn ti ṣiṣẹ́ tó. Ìta gbangba ni kó wà. Gíísà gáàsì nínú balùwẹ̀ ti pa ènìyàn láìpariwo, nítorí èéfín olóró rẹ̀ kò ní òórùn.

Lẹ́yìn gíísà ni fáàfù tó ń po omi máa wà. Ẹ yí i sí 45. Omi tútù tó máa wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti inú táǹkì tútù kan náà wá. Bí ó bá ń ti pọ́ǹpù wá tààrà, tútù á ti gbígbóná padà. Ẹ fi ibi ìpọnmi kan sí àjà kọ̀ọ̀kan, tó súnmọ́ táǹkì, tó ní ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin, dípò kí ẹ fa páìpù dé yàrá gbogbo. Páìpù tó gùn ní mítà 20 á mú akẹ́kọ̀ọ́ da bíi lítà 6 nù kí gbígbóná tó yọ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ka mítà iná ní ọ̀sẹ̀ kan tí oòrùn ràn ní oṣù kejì. Ẹ́límẹ́ǹtì kò yẹ kó jẹ ohunkóhun tó ṣeé rí. Bí ó bá ń jẹ yúníìtì méjì mẹ́ta lójúmọ́, táímà ti kúrò ní àkókò rẹ̀. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, táímà tí kò ní bátìrì á máa sá sẹ́yìn.

Ìpele 6: Nígbà tí ilé bá ṣófo

Họ́sítẹ́ẹ̀lì kì í dà bí ilé ìtura. Ìsinmi wà, ìyanṣẹ́lódì wà, ilé á dá páro fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pọn omi, táǹkì á máa fi digírì tó lé ní 20 gòkè lójúmọ́. Lọ́jọ́ kẹta á ti fẹ́ máa hó. Bí omi kànga-dẹ̀rọ yín bá ń fi ẹfun funfun sínú kẹ́tùlù, ẹfun yẹn kan náà á di páìpù kéékèèké inú pánẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tó kẹ́yìn bá ti lọ, ẹ fi tàpólì bo pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, kí ẹ dè é mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì já iná ẹ́límẹ́ǹtì.

Omi tó dúró lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú táǹkì àti páìpù lè bí kòkòrò àìrí tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ṣí tàpólì ní ọjọ́ méjì kí wọ́n tó wọlé, ẹ jẹ́ kí omi tó 60, bí oòrùn kò bá gbé e débẹ̀ kí ẹ yí tẹ́mósítáàtì ẹ́límẹ́ǹtì sókè ní àárọ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ yí fáàfù tó ń po omi sí òpin gbígbóná rẹ̀, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí omi tó ń jáde á fi gbóná débi tí ọwọ́ ò gbà á, kó ṣàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún sínú gọ́tà, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ooru rẹ̀ símú. Kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́, ẹ dá fáàfù padà sí 45, kí ẹ fi tẹmómítà wò ó lẹ́nu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.